Ibi tí a ó ti mí, ibi tí a ó ti dúró: bí a ṣe ń sàmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú èrò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú bébà kan wá bá mi nílé ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó gbòmìnira iṣẹ́ aṣọ rírán. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń gbòmìnira, òun ni wọ́n sì yàn pé kó dúpẹ́ lórúkọ àwọn yòókù. Kò tíì di míkírò mú rí. Ó ní, “Tántì, ẹ bá mi wò ó, àyà mi ń já.” Mo ti ń ka ìkéde ní èdè wa lórí rédíò fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbà pé mo mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ẹnìkan ti bá a sàmì sí bébà náà ṣáájú mi. Ọfà kékeré tó kọjú sókè wà lórí kọ́mà kọ̀ọ̀kan, ìlà sì wà lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹnu mọ́. Mo ní kó ka á, mo sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Gbogbo ohun tí àmì náà sọ ló ṣe. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ “Nínú ìyà, mo kọ́ sùúrù” sí, ohun tí àwa méjèèjì gbọ́ nínú fóònù ni “nínú ìyá”. Ó tún un kà. “Ìyá” náà ló tún jáde. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọfà orí kọ́mà yẹn ló fa èyí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọfà náà ti wá. Àwa tí a lọ ilé ẹ̀kọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé la fi kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé sókè. Nínú Faransé, bí gbólóhùn kò bá tíì parí, ohùn máa ń gòkè ní ìparí ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí olùgbọ́ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀, ìdí ọ̀rọ̀ náà sì ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ Faransé nìyẹn, ọfà orí kọ́mà sì bá a mu rẹ́gí. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá gbé ọfà kan náà wá sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ohùn ti níṣẹ́ tirẹ̀ lára ọ̀rọ̀ wa. Dò, re, mí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ló ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ọkọ̀, òun ló sì ń ya igba tí a fi ń ka nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára igbá tí a fi ń bu omi. Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ pé ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gùn ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń pe “ìyá”: ẹnu á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á wá gun òkè. Ẹni tó bá pe “ìyà”, tó sì jẹ́ kí ohùn gòkè ní ìdí rẹ̀ nítorí kọ́mà, “ìyá” ló pè. Ọmọ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ kà. Kọ́mà ló bá a yí i padà.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo pa gbogbo ọfà rẹ́. Àmì yòówù kí ẹ fi sí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ń sọ fún ohùn pé kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ ti sọ ìyẹn tán. Ohun tí ó kù fún wa láti sàmì sí ni àkókò, èémí àti agbára.

Ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni mo tẹ̀ lé e pa rẹ́. Ìdí èyí kò le: ìlà máa ń bo àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ojú tó ti ń gbọ̀n kò ní rí i mọ́ bóyá “oje” ni wọ́n kọ tàbí “ọjẹ”. Ẹni tó bá ń lo álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, tó ń kọ ɛ àti ɔ, kò ní wàhálà yìí, ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ kò ní pa á lára. Àmọ́ bébà ọmọ wa, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà ni wọ́n kọ ọ́, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe ní Kétu níbi. Mo yí àmì náà padà sí àpótí kékeré tó yí ọ̀rọ̀ ká.

Àmì tí mo wá lò kò ju márùn-ún lọ. Igi kan | dúró fún ìdánudúró kúkúrú: ẹnu dúró, èémí kò wọlé, ẹ ka “ení” nínú yín, ẹ máa lọ. Igi méjì || jẹ́ ìdánudúró gígùn, ẹ ka “ení, èjì”. V ni ibi tí a ó ti mí. Àpótí, tí mo máa fi [ ] dípò rẹ̀ níbi, wà fún ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wúwo. Ẹ̀karùn-ún ni òbìrí, ○, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú wọn; mo máa dé orí rẹ̀. Gègé pupa ni mo fi sàmì wọ̀nyí, kí wọ́n má bàa dàpọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi gègé dúdú kọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdánudúró, torí òun ló ń bí èyí tó kù. Ohun tó wà nínú bébà ọmọ náà nípa ìyá rẹ̀ nìyí, bó ṣe kọ ọ́:

Ìyá mi tó ta ewúrẹ́ méjì tó ní nílé kí n lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lónìí, ló ni ayẹyẹ yìí.

Gbólóhùn náà tọ̀nà bí ènìyàn bá ń fojú kà á. Nígbà tó kà á sókè, “ayẹyẹ yìí” kò dé etí mi. Ohun tó fà á ni pé ohùn wa máa ń rọlẹ̀ bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn, láìjẹ́ pé a rán an níṣẹ́. Ohùn òkè tó wà ní ìparí gbólóhùn kì í ga tó ohùn òkè tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ bá pọ̀ láàárín wọn. Bí a bá dánudúró ni ohùn tó ń padà sórí àtẹ̀gùn láti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ máa ń dánudúró láìmọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù fẹ́ kí ó tètè tán, yóò fi èémí kan ṣoṣo sáré gba gbólóhùn náà kọjá, nígbà tí yóò sì fi dé ìdí rẹ̀, ohùn ti wà nísàlẹ̀ kànga, èémí náà ti tán. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ gba kíkà náà sílẹ̀, ẹ gbé fóònù jìnnà sí etí yín díẹ̀, kí ẹ wá fetí sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí ẹ kò bá gbọ́ ìparí rẹ̀ ni igi ń ṣaláìsí nínú rẹ̀.

Àmọ́ níbo ni a ó gbé igi sí? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, torí wọ́n máa ń wá ibi tí kọ́mà wà. Kì í ṣe gbogbo ibi tí èémí ti fẹ́ tán ló gba ìdánudúró. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe àti ohun tó tẹ̀ lé e. “Ó tà á”, ohùn ìsàlẹ̀ ni “tà” ní. “Ó ta ewúrẹ́”, ohùn àárín ló ti di. Ìyẹn ni pé bí mo bá ti pe “ta” báyìí, etí olùgbọ́ ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n tà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá. Bí mo bá wá dánudúró síbẹ̀, “ó ta | ewúrẹ́”, ṣe ni yóò dà bíi pé mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Bákan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ara wọn lẹ́nu: “kọ́ iṣẹ́” tí a ń pè ní “kọ́ṣẹ́”, “wá ilé” tí a ń pè ní “wálé”. Bí igi bá bọ́ sáàárín wọn, fáwẹ́lì tó ti wọlé yóò tún jáde, ọ̀rọ̀ á wá dà bí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá ràn lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnu ṣe ń pè é. Bébà tí a fẹ́ kà sókè kì í ṣe ìdánwò; “kọ́ṣẹ́” ni kó wà níbẹ̀.

Ibi tí igi ń dùn mọ́ ni ẹ̀yìn ohun tí a dárúkọ kí a tó sọ nǹkan nípa rẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tí a kí, àti láàárín gbólóhùn méjì tó so pọ̀. Bí gbólóhùn kò bá ní irú ibẹ̀, ẹ má fi tipátipá ki igi bọ̀ ọ́. Ẹ tún gbólóhùn náà kọ. Ohun tí a ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Mo bi í léèrè pé, “Tó bá jẹ́ èmi lo ń sọ ọ́ fún nínú ilé ìdáná, báwo lo ṣe máa sọ ọ́?” Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn: “Ewúrẹ́ méjì ni Màmá ní nílé. Wọ́n tà wọ́n, méjèèjì, kí n lè rà ẹ̀rọ.” Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló wá ibi tí igi máa wà: “Wọ́n tà wọ́n” ti parí, kò sí ohun tí “tà” tún ń retí, ìdánudúró lè wá síbẹ̀ wẹ́rẹ́, “méjèèjì” á sì dá dúró.

Mo ṣàtúnṣe kan ṣoṣo: “rà ẹ̀rọ” tó kọ di “ra ẹ̀rọ”, nítorí ohun tí mo sọ lókè nípa “tà” àti “ta”. Mo sì fi “wọ́n” tó fi bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àgbà méjì tó rí bébà náà lẹ́yìn ìgbà náà ní kí a yí i sí “ó” kó má bàa dà bíi pé ènìyàn púpọ̀ ló ta ewúrẹ́. N kò gbà. Ọmọ tí kì í pe ìyá rẹ̀ ní “ó” nílé kò ní lè pè é bẹ́ẹ̀ níwájú èrò kí ahọ́n rẹ̀ má kọsẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wúwo. Nínú bébà àkọ́kọ́, ìlà wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá nínú gbólóhùn méje. Bí gbogbo rẹ̀ bá wúwo, kò sí èyí tó wúwo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èdè wa ní ọ̀nà tirẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ ga láìfọwọ́ kan ohùn, ọ̀nà náà ni “ni”. “Mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́” ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́” ti gbé ọdún mẹ́ta síwájú, ó ti fi hàn, olùgbọ́ sì ti rí i. Kò sí ìdí láti tún pariwo lé e lórí. Ní gbogbo ibi tí “ni” ti ṣiṣẹ́ yìí, mo yọ àpótí kúrò. “Nínú ìyà, mo kọ́ sùúrù”, tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà yìí, di “Inú ìyà ni mo ti kọ́ sùúrù”. Kọ́mà ti lọ, ibi tí ohùn fẹ́ gòkè sí ti lọ, ìyà sì dúró gẹ́gẹ́ bí ìyà.

Àpótí kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, “méjèèjì” ló sì wà nínú rẹ̀. Báwo ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ inú àpótí? Ẹ dánudúró ṣáájú rẹ̀, ẹ fà á gùn, ẹ fi agbára díẹ̀ kún un, ẹ sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. “Méjèèjì” dára fún èyí torí àárín rẹ̀ ti gùn tẹ́lẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fà á, ẹ fà á nísàlẹ̀ níbẹ̀, “méjèèèèjì”, kí “jì” náà sì wá nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ohùn tó ń gòkè fà á yóò sọ ọ́ di nǹkan tí kò sí. A fi ìka tẹ orí tábìlì nígbà tó ń ṣe é: ìka kò gbọdọ̀ gbéra títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Èémí wá kàn. Mo ti rí àwọn tó gbà pé bí àmì èémí bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe rọrùn tó fún ẹni tó ń bẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù bá bani, èémí máa ń dúró sókè nínú àyà, kì í dé ìsàlẹ̀ ikùn, a sì máa ń gbé e pamọ́ láìtú u jáde tán. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ gbólóhùn kúkúrú, tó wá rí V, yóò fa èémí tuntun lé orí èyí tí kò tíì lò. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àyà á kún, ó máa ṣe é bíi pé ó ń rì, yóò sì rò pé èémí ni òun kò ní, bẹ́ẹ̀ sì ni èémí ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí ẹni tí èjìká rẹ̀ ń ga sí i bí ó ṣe ń ka ìwé lọ, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. V kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn gbólóhùn tó kéré jọjọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní igi méjì tí kò ní V lẹ́yìn: ẹ lè dúró kí ẹ má mí.

Ọ̀nà tí a gbà wá ibi tí V yóò wà nìyí. Mo ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ẹni tó bá jókòó kò lè mọ bí èémí rẹ̀ ṣe tó nígbà tó bá dúró. Kó mí síta pátá, kó jẹ́ kí èémí wọlé fúnra rẹ̀ sí ikùn, kó wá máa ka ọ̀rọ̀ náà lọ láìyára láìsáré títí yóò fi gbọ́ pé òun fẹ́ mí. Ibẹ̀ ni mo sàmì sí. Ó gbé gbólóhùn méjì àti díẹ̀ lórí èémí kan. Lẹ́yìn náà mo gé e sí ìlàjì, torí níwájú èrò, ìlàjì ohun tó gbé nílé ló máa lè gbé. V wá bọ́ sí ìparí gbólóhùn kan gígùn tàbí méjì kúkúrú, lẹ́yìn igi méjì nìkan. Bó bá sì kù ún kù láàárín ọ̀nà, igi kan lè gba èémí kékeré bí ẹni ń mu ọtí lẹ́ẹ̀kan. Kò pọn dandan kí a kọ ìyẹn sílẹ̀.

V tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn ni èyí tó wà ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, òun sì ni kì í sí nínú ọ̀pọ̀ bébà. Wọ́n á na míkírò sí ènìyàn, yóò sì fi èémí tó kù lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ti ọmọ wa, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Bí ó bá tẹ̀ síwájú lórí ìkúnlẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ká, èémí kò lè wọ ibẹ̀. A pinnu pé kó kúnlẹ̀ kí wọ́n láìlo míkírò, kó dìde, kó tú èémí jáde, kó wá mí, kó tó gbé míkírò súnmọ́ ẹnu. Mo kọ ọ́ sórí bébà báyìí: “Dìde. V.”

Òbìrí ló kù. Àwa kì í sọ̀rọ̀ fún èrò tó dákẹ́. Bí ọmọ bá kí àwọn àlejò pé “ẹ kú àbọ̀”, wọ́n á dáhùn pé “ẹ kú ilé o”. Bí ó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, yóò tọrọ gáfárà pé tótó ó ṣe bí òwe, wọ́n á sì dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Òmíràn nínú òwe wa, bí ẹ bá sọ ìdajì rẹ̀ tí ẹ dúró, ìyá kan níwájú yóò bá yín parí rẹ̀. Ìdánudúró yìí yàtọ̀ sí igi, torí kò sí iye tí a lè kà fún un. Ẹnu àwọn tó ń gbọ́ ló ń parí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Faransé kò ní àmì fún un, mo sì gbà pé àìsí rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa dún bí ìwé: wọ́n ń kí ènìyàn, wọn kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Òbìrí túmọ̀ sí pé: gbé ojú kúrò nínú bébà, wò wọ́n, dúró dè wọ́n. Ó tún jẹ́ ìsinmi tó dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rù, torí àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, òun sì ń mí.

A tún ọ̀rọ̀ náà kọ sórí bébà tuntun, lẹ́tà ńlá, ìdì ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. Ìgbésẹ̀ yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ojú máa ń dúró níbi tí ìlà bá ti tán, ẹnu á sì bá a dúró. Bí “wọ́n ta” bá wà ní ìparí ìlà, tí “ewúrẹ́” wá wà ní ìsàlẹ̀, ẹ ti fi igi síbẹ̀ láìmọ̀. Mo sì rí i dájú pé àmì ohùn pé lórí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì ohùn sí ohun tí a bá ń kọ, n kò sì ní fi dandan lé e pé kí ó wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ìdí ìlà ni Faransé ti máa ń fẹ́ fa ohùn sókè. Ibẹ̀ ni àmì gbọ́dọ̀ ti dúró ṣọ́nà.

Bó ṣe rí nìyí nígbà tí a parí rẹ̀:

Dìde. V
Ẹ̀yin bàbá wa | ẹ̀yin ìyá wa |
ẹ̀yin ọ̀gá wa | ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa || V
ẹ kú àbọ̀ ○

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ ||
Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wá láàárọ̀ |
ẹsẹ̀ ni mo fi ń padà lálẹ́ || V
Inú ìyà ni mo ti kọ́ sùúrù || V

Ewúrẹ́ méjì ni Màmá ní nílé ||
Wọ́n tà wọ́n | [méjèèjì] ||
kí n lè ra ẹ̀rọ || V

Ẹ̀yin àgbà | tótó ó ṣe bí òwe ○
Yin ni, yin ni ○
Ìyá mi | mo dúpẹ́ || V
Gbogbo yín | a dúpẹ́ ○

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí V lẹ́yìn “Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́” àti lẹ́yìn “méjèèjì”. Wọ́n kúrú, èémí tó wà nílẹ̀ gbé wọn. Ẹ ó tún rí i pé “Yin ni, yin ni” kò ní ìdajì kejì. Mo fẹ́ kí àwọn ìyá parí rẹ̀: kẹ́ni lè ṣe òmíràn.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń fi ìka tẹ igi kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, ó ń rìn yí àgbàlá ká. Ọjọ́ kẹta ni mo ní kó kà á nígbà tí mo bá ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ibi ayẹyẹ kì í dákẹ́. Bí a ṣe gba ohùn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyà ti jẹ́ ìyà, ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ń dún.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, gbohùngbohùn méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní gbangba, ọ̀rọ̀ sì ń kọlu ògiri iwájú, ó ń padà bọ̀. Mo ti sọ fún un pé níbi tí ohùn bá ti ń padà bọ̀, igi kan á di igi méjì: kó dúró kí ìró tó kọ́kọ́ jáde tán kó tó fi òmíràn lé e. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. “Méjèèjì” rẹ̀ jáde nísàlẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tí kò yọrí ni òbìrí àkọ́kọ́. Ó sọ “ẹ kú àbọ̀”, ó rí òbìrí, ó ka “ení, èjì” bí ẹni pé igi ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ “Ọdún mẹ́ta” sórí “ẹ kú ilé o” àwọn ènìyàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọdún mélòó. Ẹ̀bi mi ni, àmì tó ṣófo kò sọ ohun tó ń dúró dè fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ sínú òbìrí, “ẹ kú ilé o”, kí olùsọ̀rọ̀ lè mọ gbólóhùn tí etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ tán kó tó la ẹnu.